Aṣọ tí A Fọ̀ tí Ó Ń Kan: Ẹ Má Bi Ọṣẹ, Báàfù Ni Kí Ẹ Bi

  

Ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀ ni a mú wá lọ́dún yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti mú kí àwa tí a jẹ́ olùkọ́ ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè pa á mọ́ra. Ní àsìkò òjò tó kọjá, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, a ti tò sáàfù tán nígbà tí a rí bàbá àgbàlagbà kan tó dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tó sì lọ dúró sí ibòmíràn. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fi etí agbádá bo imú. Ọmọ náà tó ọmọ ọdún méjìlá, jalabíyà funfun ló wọ̀, aṣọ náà sì funfun kiniwin. Nígbà tí a kírun tán, a pè é, a gbọ́ òórùn náà fúnra wa: òórùn kíkan, bí ẹni pé ẹ̀kọ tó ti kan ni wọ́n fi wẹ aṣọ náà.

A bi í pé ìgbà wo ló fọ aṣọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní àná ni. A kò gbà á gbọ́. A bá a wí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a ní kí ó lọ tún un fọ̀. Ó tún un fọ̀ lóòótọ́, a rí i bó ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tó di Jímọ̀ kejì, òórùn náà tún padà. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ti ń lọ dúró sí sáàfù ẹ̀yìn pátápátá, nítòsí ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Ní Jímọ̀ kẹta, ó ní inú ń run òun, òun kò ní lè lọ sí mọ́sáláṣí. Ìgbà náà ni ọkàn wa tó sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ tàbí ti ọ̀bùn. Ọmọ tó fọ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọjọ́ mẹ́jọ kì í ṣe ọ̀bùn. A ní láti wá ìdí rẹ̀.

Èrò tiwa, lẹ́yìn tí a ti wá ìdí náà tí a sì rí i, ni pé ohun méjì ló ń mú kí aṣọ tí a fọ̀ máa kan. Èkíní ni pé aṣọ tí à ń kó sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ jù. Èkejì ni pé aṣọ ń pẹ́ jù nínú omi àti nínú ọ̀rinrin kí ó tó gbẹ. Ọṣẹ kò jẹ̀bi, ọmọ náà kò sì jẹ̀bi. Àwa tí a fi àṣà náà kọ́ ọ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ibi tí òórùn náà ti ń wá. Òógùn ara fúnra rẹ̀, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn kankan. Ṣùgbọ́n òógùn kì í dá jáde, òun àti ọ̀rá ara àti èépá awọ kéékèèké ni wọ́n jọ ń wọ inú aṣọ. Ọ̀rá yìí ló máa ń dúró sí abíyá aṣọ, sí ọrùn rẹ̀, àti sí ibi tí télọ̀ bá ti ṣẹ́ aṣọ po. Kòkòrò àìfojúrí tó wà lára ọmọ ènìyàn àti nínú ilé máa ń jẹ ọ̀rá yìí bí oúnjẹ. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, ohun kíkan ni wọ́n máa ń tú jáde, òun náà ni imú wa ń gbọ́. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japáànù gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí òórùn aṣọ tí a ti fọ̀, wọ́n sì rí i pé ìran kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Mọrasẹ́là ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa kòkòrò yìí ni pé kì í tètè kú bí aṣọ bá gbẹ. Ṣe ló máa ń dákẹ́ bí ẹni sùn. Bí omi tàbí òógùn bá tún ti kan aṣọ náà, á jí, á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wò ó, èyí ló tú àdììtú tó da ọkàn wa láàmú. Ọmọ náà ń gbé aṣọ rẹ̀ sí imú láàárọ̀ Jímọ̀, kò gbọ́ òórùn kankan, nítorí pé aṣọ náà gbẹ. Nígbà tó bá di ìdájí ọ̀sán tí jàmáà kún mọ́sáláṣí, tí ooru mú, tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí jáde, kòkòrò á jí, òórùn á dé. Ọmọ náà kò purọ́ fún wa. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀rá tó ṣẹ́ kù sínú aṣọ lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ ni ẹnu tí ògiri là. Bí ọ̀rá bá jáde tán, tí aṣọ sì tètè gbẹ, kòkòrò kò ní rí ohun tí yóò jẹ, kò sì ní rí àyè tí yóò fi pọ̀ sí i.

Nísinsìnyí, báwo ni aṣọ púpọ̀ nínú báàfù kan ṣe ń fi ọ̀rá sílẹ̀? A jókòó, a wo bí àwọn ọmọ wa ṣe ń fọ aṣọ. Àwọn méje ló wà nínú yàrá kan, jalabíyà méjì-méjì ni wọ́n ní, wọ́n sì máa ń kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sínú báàfù ńlá kan ṣoṣo nítorí kí iṣẹ́ lè tètè tán. Kẹ́ẹ̀gì omi kan, èyí tó ń gba lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ni wọ́n ń dà lé e lórí. Wọ́n á da ọṣẹ lẹ́bùlẹ́bú sí i títí tí yóò fi hó dé etí báàfù. Lójú, ó dà bí ìfọṣọ gidi.

A mú ọ̀kan nínú jalabíyà náà lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹja tútù lọ́jà, a bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa gbé e lé òṣùwọ̀n. Nígbà tó gbẹ, ó tó ìdajì kílò. A rì í sínú omi, a gbé e jáde láìfún un, ó di kílò kan àti ààbọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aṣọ kan ń mu omi tó tó lítà kan. Nígbà náà, aṣọ mẹ́rìnlá á mu lítà mẹ́rìnlá nínú lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a dà sí báàfù. Omi tó kù tí ó lè rìn láàrin aṣọ kò ju lítà mọ́kànlá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn omi láàrin okùn aṣọ ló ń gbé ìdọ̀tí jáde. Ọṣẹ máa ń tú ọ̀rá kúrò lára aṣọ ni, omi ló ń gbé e lọ. Bí omi kò bá rí ọ̀nà rìn, ọ̀rá tí ọṣẹ ti tú yóò tún padà lẹ̀ mọ́ aṣọ mìíràn nínú báàfù kan náà. Aṣọ tó wà láàrin gbùngbùn kò tilẹ̀ rí ọwọ́ ọmọ tó ń fọ̀, ọṣẹ nìkan ló kàn án.

Ibi tó burú jù ni ti ṣíṣan. A fún jalabíyà tútù náà dáadáa pẹ̀lú ọwọ́, a tún wọ̀n ọ́n, ó di kílò kan. Èyí fi hàn pé ìdajì lítà omi ọṣẹ ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti fún un. Aṣọ mẹ́rìnlá á gbé omi ọṣẹ àti ìdọ̀tí tó tó lítà méje lọ sínú omi tí wọ́n fẹ́ fi ṣan án. Ogún lítà ni àwọn ọmọ ń lò láti fi ṣan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣan án. Lítà méje á dàpọ̀ mọ́ ogún, á di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n bá tún fún aṣọ náà, lítà méje nínú omi àdàpọ̀ yìí á tún bá aṣọ lọ sórí okùn. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìdọ̀tí tó wà nínú omi ọṣẹ yẹn ló bá aṣọ lọ gbẹ. Òun náà ni oúnjẹ kòkòrò.

A wá ní kí àwọn ọmọ pín aṣọ náà sí ọ̀nà mẹ́ta: márùn-ún, márùn-ún àti mẹ́rin. Ọṣẹ kan náà ni, omi kànga kan náà sì ni. Aṣọ márùn-ún tí a fún kò lè gbé ju lítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Bí a bá fi lítà mẹ́wàá ṣan án, ìdá kan nínú márùn-ún ló kù. Bí a bá tún fi lítà mẹ́wàá mìíràn ṣan án lẹ́ẹ̀kejì, ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàrin ìdá kan nínú mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi ẹyọ ọṣẹ kan kún un.

Ẹnì kan á sọ pé, "Álúfà, níbo ni kí a ti rí omi tí ẹ̀ ń kà yìí?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, nítorí àwa náà mọ bí ọ̀nà kànga ti jìn tó. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyí. Omi kejì tí a fi ṣan aṣọ ìpín àkọ́kọ́ kò dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀. Kí a má dà á nù. Òun ni kí a fi ṣe omi àkọ́kọ́ fún ìpín kejì, kí a wá pọn lítà mẹ́wàá tuntun fún ṣíṣan rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìpín kẹta. Lọ́nà yìí, ogójì lítà ni gbogbo ṣíṣan yóò gbà. Omi ọṣẹ lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún ìpín méjì àkọ́kọ́, kí a kọ́kọ́ fọ aṣọ tí kò dọ̀tí púpọ̀, kí a sì pààrọ̀ omi ọṣẹ náà fún ìpín kẹta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àádọ́rin lítà. Ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Kẹ́ẹ̀gì omi kan péré ni a fi lé e láti fi yọ ọmọ méje nínú ìtìjú.

Bí ọmọ kò bá ní òṣùwọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ tó o. Kí ó ki ọwọ́ bọ báàfù dé ìsàlẹ̀, kí ó gbìyànjú láti yí aṣọ ìsàlẹ̀ wá sókè. Bí aṣọ bá yí wẹ́rẹ́, tí omi sì bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó dára. Bí ó bá jẹ́ pé odindi òkìtì aṣọ ló ń bá ọwọ́ rẹ̀ rìn, aṣọ ti pọ̀ jù, kí ó yọ díẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ẹ̀rọ ìfọṣọ nílé, òfin kan náà ló dè yín. Ẹ má ki aṣọ mọ́ ọn títí dé ẹnu. Kí àyè tí ọwọ́ yóò fi lè wọlé ṣì kù láàrin aṣọ àti òkè ihò ẹ̀rọ náà. Bí iná bá sì lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi aṣọ sílẹ̀ sínú rẹ̀ títí iná yóò fi dé. Ẹ kó o jáde, ẹ fi ọwọ́ parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọ̀rinrin. Àwọn ọmọ wa máa ń rẹ aṣọ sínú omi ọṣẹ lálẹ́ Àlàrùbá lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, wọ́n á sì wá fọ̀ ọ́ láàárọ̀ Àlàmísì tí kò sí kéú. Wọ́n gbà pé bí aṣọ bá ti pẹ́ tó nínú omi ni yóò ti mọ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ti tó fún ọṣẹ láti tú ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà, báàfù tí ọ̀rá ara kún inú rẹ̀, tí omi rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti di ibi ìsinmi fún kòkòrò. Ẹni tó bá ti gbàgbé aṣọ sínú omi di ọjọ́ kejì rí mọ òórùn tó máa ń sọ nígbà tí a bá ṣí i.

Lẹ́yìn fífọ̀, wọ́n máa ń sá aṣọ náà sórí okùn kan tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí òjò. Okùn náà kò gùn, nítorí náà wọ́n ń sá aṣọ lé aṣọ. Afẹ́fẹ́ kò ráyè kọjá. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ara aṣọ á ti gbẹ, ṣùgbọ́n abíyá àti ìṣẹ́tí á ṣì máa rin. Wọ́n á ká a báyìí, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì kí ó lè nà bí ẹni pé wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n á sì sùn lé e lórí. Ooru ara ọmọ lókè, ọ̀rinrin aṣọ nísàlẹ̀, láti alẹ́ di àárọ̀! Bí a bá ní kí a wá ibi tí kòkòrò yóò ti bí sí i, a kò lè rí ibi tó dára ju èyí lọ.

Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ bóyá aṣọ ti gbẹ kì í ṣe kí a fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀. Abíyá, ọrùn àti ìṣẹ́tí ni kí a wò, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ ti nípọn jù. Kí a fi ibẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ó bá tutù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ju àyà aṣọ lọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Kí a yí abíyá síta, kí a padà sá a. Bí a bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìdọ̀tí ti jáde tán, kí a bu omi díẹ̀ wọ́n abíyá aṣọ tó ti gbẹ, kí a fi ọwọ́ bò ó títí yóò fi gbóná díẹ̀, kí a wá gbóòórùn rẹ̀. Bí kò bá kan, kò ní kan ní mọ́sáláṣí. Bí ó bá kan, ó sàn kí imú olówó aṣọ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ju kí imú aládùúgbò gbọ́ ọ lọ.

Nípa aṣọ tó ti ń kan tẹ́lẹ̀, ìfọṣọ lásán kì í sábà tó, nítorí kòkòrò náà ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Bí aṣọ náà bá jẹ́ òwú, kí àgbàlagbà gbé omi kaná títí yóò fi hó, kí ó da ìwọ̀n omi tútù kan náà mọ́ ọn. Ooru rẹ̀ á lé díẹ̀ ní ọgọ́ta lórí òṣùwọ̀n ooru, èyí sì tó láti pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kí ó da ọṣẹ sí i, kí ó fi igi ri aṣọ náà sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó wá fọ̀ ọ́ nígbà tí omi bá ti tutù tó láti ki ọwọ́ bọ̀. Kí ọmọdé má ṣe é fúnra rẹ̀, nítorí omi náà lè bó ọwọ́. Aṣọ aláràbarà àti aṣọ tí kì í ṣe òwú lè ṣá tàbí kí ó súnkì nínú omi gbígbóná. Irú aṣọ tí kì í ṣe òwú yìí tún máa ń di ọ̀rá ara mú ju òwú lọ, òun ló sì máa ń pẹ́ jù kí òórùn tó kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo oògùn tó ń mú aṣọ funfun, kí ó lò ó fún òwú funfun nìkan, kí ó tẹ̀lé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, kí ó má sì pò ó mọ́ ọtí kíkan tàbí oògùn ìfọlé mìíràn láéláé, nítorí èéfín tó máa ń jáde níbẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn òbí kan ti fi ìgò tùràrí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Tùràrí lórí aṣọ kíkan, òórùn méjì ló di yẹn, bàbá tó bo imú á sì tún bò ó. Àwọn mìíràn ní kí a máa fi sítáàṣì sí aṣọ kí ó lè le. Sítáàṣì dára fún aṣọ tó mọ́ tí yóò sì tètè gbẹ nínú oòrùn. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀gẹ́ tó bá wà nínú omi á sì kan. Bí a bá fi sí aṣọ ní àsìkò òjò tí aṣọ kò tètè gbẹ, oúnjẹ mìíràn ni a tún gbé fún kòkòrò.

Àwọn ọmọ tó ti wọ ìpele òkè bi wá pé, ṣé ìrun ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń kan pé? Òórùn kíkan yìí kì í ṣe nọ́jísà. Aṣọ náà mọ́ ní ìdájọ́ ẹ̀sìn, ìrun ẹni tó wọ̀ ọ́ sì pé. Kódà, nínú ìlànà Imọ́mù Máliki tí a ń kọ́ wọn, bí a bá fọ nọ́jísà gidi kúrò lára aṣọ tí òórùn rẹ̀ sì ṣòro láti mú kúrò, wọ́n mójú kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Ànábì wa kọ̀ fún ẹni tó bá jẹ áyù tàbí àlùbọ́sà tútù láti wá fi òórùn rẹ̀ ni àwọn olùkírun lára nínú mọ́sáláṣí. Ẹ̀tọ́ ẹni tó dúró tì wá ni à ń sọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan bàbá tó kúrò nínú sáàfù náà, nítorí ó ní ẹ̀tọ́ láti má gbọ́ òórùn. Ọmọ náà sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ pé kí a má dójú tì í lórí ohun tí a kò tíì wádìí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Ní ilé-kéú wa, kí ó di òfin pé aṣọ kò gbọdọ̀ sùn nínú omi. Lẹ́yìn ìrun Àsúbà ọjọ́ Àlàmísì ni kí a rẹ ẹ́, kí a fọ̀ ọ́ ní márùn-ún márùn-ún, kí ó sì ti wà lórí okùn kí oòrùn tó ga. Èkejì, kí ẹgbẹ́ àwọn òbí bá wa kan páànù sí ẹ̀yìn ilé àwọn ọmọ, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, kí a ta okùn mẹ́fà síbẹ̀ tí àyè tó tó ìbú ọwọ́ méjì yóò wà láàrin wọn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ aṣọ ní àsìkò òjò ju oòrùn lọ, nítorí oòrùn kì í yọ lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta, kí òbí tó bá fẹ́ ra jalabíyà tuntun fún ọmọ rẹ̀ ra òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó sì jẹ́ mẹ́ta dípò méjì, kí ọmọ má baà máa wọ aṣọ tó ṣì ń rin nítorí pé kò ní òmíràn.

A kò ṣe é tán kí a tó kọ ọ́. Ní Àlàmísì tí a kọ́kọ́ pín aṣọ náà sí mẹ́ta, òjò rọ̀ láti ọ̀sán, aṣọ méjì kò sì gbẹ. A kò jẹ́ kí wọ́n ká wọn. A so wọ́n kọ́ sẹ́nu fèrèsé títí di ọjọ́ kejì, a fi ayọ́ọ̀nù gbígbóná gbẹ abíyá wọn gbẹ́ẹ́rẹ́gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ kí a tó fún àwọn olówó wọn. Nínú mẹ́rìnlá, a gbóòórùn gbogbo wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹyọ kan péré ló ṣì ń kan, òun náà kì í sì í ṣe òwú. Ìyẹn ni a fi mọ̀ pé ọ̀nà náà ní ààlà tirẹ̀.

Àwa fúnra wa lọ bá ọmọ tí a bá wí náà, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí iwájú wọn ni a ti bá a wí. Ó ti kúrò ní sáàfù ẹ̀yìn. Ní Jímọ̀ tí a ń kọ ìwé yìí, sáàfù kejì ló wà, ẹ̀gbẹ́ bàbá kan náà ló sì dúró sí.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi orí àṣìṣe wa jì wá, kí Ó jẹ́ kí inú wa mọ́ bí aṣọ wa. Àmín. Ma salaam.